Ìlà Kẹrin Késárì ní Fásálọ́sì

Ní ọdún 48 ṣáájú ìbí Kristi, ní Fásálọ́sì nílẹ̀ Gíríìkì, Júlíọ́sì Késárì rí i pé ẹgbàágbèje ẹlẹ́ṣin Pọ́ńpè fẹ́ gba apá ọ̀tún yọ sí òun lẹ́yìn. Kíá ló yọ kóhọ́tì díẹ̀ nínú ìlà kẹta, ó fi wọ́n ṣe ìlà kẹrin.

Ìlà kẹta kò tú ká, nítorí kóhọ́tì kọ̀ọ̀kan lè dá jà. Nínú ètò wọn, nǹkan bí 80 ọmọ ogun ló wà lábẹ́ balógun ọ̀rún kan. Ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ 6 di kóhọ́tì, kóhọ́tì 10 sì di líjíónì. Kóhọ́tì Késárì kò kún tó bẹ́ẹ̀ mọ́, síbẹ̀ oníkálukú mọ ọ̀gá rẹ̀.

Ìlà kẹrin lé ẹlẹ́ṣin sá, ó yí po, ó sì kọlu Pọ́ńpè láti ẹ̀yìn.