Bí a ṣe ń fi ẹni méjì mọ ara wọn

Ọ̀kan nínú yín bi mí pé kí ló dé tí òun bá fi ẹni méjì mọ ara wọn lóde, wọ́n á kàn kí ara wọn tán, kálukú á sì gbájú mọ́ fóònù rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi àṣìṣe tèmi dá a lóhùn.

Níbi ìsọmọlórúkọ kan n'Íbàdàn, mo mú akẹ́kọ̀ọ́bìnrin mi àtijọ́ kan lọ bá nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí a jọ ń gbé àdúgbò. Mo ní, "Màmá, akẹ́kọ̀ọ́ mi rèé, ọmọ Abẹ́òkúta bíi tiyín." Mo yíjú sí ọmọ náà: "Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Màmá sílẹ̀ ni, bá mi kí wọn." Ọmọ kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú arafẹ́rakù, mà." Màmá ní, "A dúpẹ́." Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ẹ wo ibi tí mo ti ṣì í. Lóòótọ́, tí a bá pe ẹni méjì ní ọmọ ìlú kan náà, ó yẹ kí "ilé wo?" tẹ̀ lé e, kí wọ́n sì bá ẹbí jáde. Ṣùgbọ́n Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí ọmọ yìí sí, ibẹ̀ ló dàgbà sí. Kò mọ agboolé kankan l'Ábẹ́òkúta, ìdánwò lásán ni ìbéèrè yẹn ì bá jẹ́ fún un. Èkejì, ọ̀fọ̀ tí mo dárúkọ kì í ṣe ohun tí Màmá fẹ́ kí àlejò fi mọ òun. Téèyàn bá ti kíni kú ọ̀fọ̀, kí ló kù tó fẹ́ sọ?

Ìgbà tí mo jókòó ni mo rántí pé ọmọ yìí ń ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n ń tì bọ inú ẹ̀kọ tí wọ́n fi láfún sè, tí wọ́n fi ń ya iṣẹ́ sára aṣọ funfun, kí aró má baà mú ibi tí ẹ̀kọ wà. Màmá náà sì ti fi ìró ìyá rẹ̀ hàn mí rí, Ìbàdàndùn ni, èyí tí wọ́n ya òpó gbọ̀ngàn Mápó sí. Mo padà lọ bá wọn.

"Màmá, ọmọ yìí ń fi ìyẹ́ ya àdìrẹ, òpó Mápó ló ń yọ ọ́ lẹ́nu báyìí. Ìró ìyá yín yẹn, ṣé òpó ibẹ̀ gún régé àbí ó wọ́?"

Màmá rẹ́rìn-ín. "Ó wọ́ o! Ìyá mi ní ẹni tó yà á ń dá sí ìjà lọ́wọ́ ni." Ọmọ náà bi í bóyá aró rẹ̀ ti ṣí. Màmá ní rárá, inú iji nìkan ni ìyá òun ń sá a sí. Mo rọra yọ kúrò.

Ẹ jẹ́ ká tú u wò. Àgbà ni mo kọ́kọ́ sọ ẹni tí ọmọdé jẹ́ fún, nítorí òun ló láṣẹ láti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Ohun kan péré ni mo mú lára ẹnì kọ̀ọ̀kan, ohun tí òun fúnra rẹ̀ á fi ẹnu ara rẹ̀ sọ láwùjọ. Mo sì fi ìbéèrè so méjèèjì pọ̀, ìbéèrè tí ẹnì kan lè dáhùn tí ẹnì kejì sì ń fẹ́ gbọ́ èsì rẹ̀. Ká ní mo sọ pé "ẹ̀yin méjèèjì fẹ́ràn aṣọ" ni, ó ti fẹ̀ jù. Ta ni kò fẹ́ràn aṣọ?

Ìgbà wo lẹ máa kúrò? Ẹ wo ojú wọn. Tí wọ́n bá ń dáhùn, tí wọ́n ṣì ń wo yín, ọwọ́ yín ni ọ̀rọ̀ ṣì wà. Tí ọ̀kan bá ti bi èkejì ní ìbéèrè láìwo ojú yín, ẹ máa lọ. Ẹ má sì fi iṣẹ́ ẹni ṣe ìfihàn tí ẹnì kejì bá nílò iṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́: ẹ ní "dókítà rèé" fún ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, ẹ ti sọ òde di ọsibítù fún onítọ̀hún nìyẹn.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Màmá yọ ìró náà jáde nínú àpótí, ọmọ náà sì tẹ́ bébà sílẹ̀, ó ń wo òpó kọ̀ọ̀kan yà. Màmá sọ fún mi lẹ́yìn náà pé látìgbà tí wọ́n ti sin Bàbá, òun ni àlejò àkọ́kọ́ tí kò bá òun sọ̀rọ̀ òkú.

Ó dìgbà kan ná.