Lẹ́tà Ayàwòrán sí Olóúnjẹ: Kí Ni A Ó Bi Í Kí A Tó Sanwó?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, àwọn kan nínú wa tí wọ́n ń ta oúnjẹ ti ń rí irú lẹ́tà yìí gbà lórí ímeèlì. Ẹni tí wọn kò mọ̀ rí yóò kọ̀wé pé ayàwòrán ni òun, pé òun ń dá iṣẹ́ ara òun ṣe, àti pé òun fẹ́ bá wọn tún ìwé mẹ́nù wọn yà kí ó lè dùn-ún wò. Iṣẹ́ gidi lè wà nínú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, òfò sì lè wà níbẹ̀. A fẹ́ ṣàlàyé ohun tí ó yẹ kí á wò.

Èkíní ni bóyá ẹni náà ti rí mẹ́nù wa ní tòótọ́. Bí ó bá kọ ọ́ pé, "Mẹ́nù yín kò fani mọ́ra tó," ọgọ́rùn-ún olóúnjẹ ni ó lè fi ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ sí. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní, "Ìrẹsì ọ̀fadà ni ẹ kọ gàdàgbà sí ara ògiri yín, ìsàlẹ̀ ojú ìwé kejì ni ẹ sì fi í sí nínú mẹ́nù," ẹni náà ti fara balẹ̀ wò ó. Ẹ bèèrè mẹ́nù méjì tí ó ti ṣe rí, kí ẹ sì bá àwọn tí ó ṣe é fún sọ̀rọ̀.

Èkejì, kì í ṣe gbogbo ilé oúnjẹ ni mẹ́nù wúlò fún. Níbi tí oníbàárà ti ń dúró níwájú kúlà, tí ó ń nawọ́ sí ohun tí ó fẹ́, pátákó iye owó lára ògiri ti tó. Ibi tí oníbàárà ti ń jókòó kí ó tó bèèrè ni mẹ́nù ti lè mú kí ó fi ẹran tàbí ohun mímu kún oúnjẹ rẹ̀. Kò lè pe ẹni tí ń kọjá lójú títì wọlé.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò àpẹẹrẹ kan. Ká ní ayàwòrán gba ₦40,000, tí ilé ìtẹ̀wé sì gba ₦1,500 lórí ẹyọ mẹ́nù kọ̀ọ̀kan tí a fi ọ̀rá bò. Mẹ́nù mẹ́wàá jẹ́ ₦15,000, àpapọ̀ owó náà sì jẹ́ ₦55,000. Bí èrè orí ìgò ohun mímu kan bá jẹ́ ₦300, a ní láti ta ìgò 184 lé ohun tí a ń tà tẹ́lẹ̀ kí owó yìí tó padà. Láàárín oṣù mẹ́ta, bí a bá ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, ìgò méjì sí mẹ́ta ni lójúmọ́. Ẹni tí oníbàárà rẹ̀ kò ju mẹ́wàá lọ lójúmọ́ gbọ́dọ̀ rò ó dáadáa.

Ṣùgbọ́n ibi tí owó ti ń bọ́ sọnù jù ni ìgbà tí ọjà bá gbówó lórí. Ayàwòrán sábà máa ń fún ni ní PDF. A lè tẹ̀ ẹ́ jáde, ṣùgbọ́n kò rọrùn láti yí iye owó inú rẹ̀ padà. Fáìlì tí a lè tún ṣe wà lọ́wọ́ ayàwòrán. Bí ó bá ń gba ₦10,000 nígbàkígbà tí iye owó bá yí padà, ìgbà mẹ́rin lọ́dún ti tó ₦40,000 tí a kọ́kọ́ san, láìka owó ìtẹ̀wé. Bí kò bá sì sí lórí fóònù mọ́, ńṣe ni a ó tún bẹ̀rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí Òfin Ẹ̀tọ́ Oníṣẹ́-Ọnà ti Nàìjíríà ti ọdún 2022, ẹni tí ó ya iṣẹ́ ni ó ni ẹ̀tọ́ rẹ̀, bí a tilẹ̀ sanwó fún un, àfi bí ìwé àdéhùn bá sọ ọ́ lọ́nà mìíràn.

Nítorí náà, kí ẹ tó san àsansílẹ̀, ẹ fi èsì bí irú èyí ránṣẹ́:

"A rí lẹ́tà yín, ẹ ṣeun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí nínú ìwé. Èló ni gbogbo iṣẹ́ náà, ṣé owó ìtẹ̀wé wà nínú rẹ̀? Ìgbà mélòó ni ẹ ó tún un ṣe láìgba owó mìíràn? Ṣé ẹ ó fún wa ní fáìlì tí a lè fúnra wa yí iye owó inú rẹ̀ padà, àti ẹ̀tọ́ láti máa lò ó? Ìdajì owó ni a ó san ní ìbẹ̀rẹ̀, a ó san ìyókù nígbà tí fáìlì náà bá dé ọwọ́ wa, tí a sì ti ṣí i wò."

Ayàwòrán tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí. Bí kò bá fẹ́ fi fáìlì sílẹ̀, ọ̀nà mìíràn wà: kí ó ya mẹ́nù láìkọ iye owó sí i, kí á máa tẹ iye owó sórí ìwé kékeré kan tí a ó fi há inú rẹ̀. Bí ọjà bá yí padà, ìwé kékeré yẹn nìkan ni a ó pààrọ̀.