Líǹkì Tó Kú Lórí Ìkànnì Ilé-Ìwé

Ìmeèlì tí alákòóso ilé-ìwé bá kọ sí àwọn tó ń tọ́jú ìkànnì gbọ́dọ̀ tọ́ka sí líǹkì tó kú gan-an. “Ẹ jọ̀ọ́, ìkànnì wa ò ṣiṣẹ́” kò tó, bó ti wù kó lọ́wọ̀ tó. Èyí ló dáa:

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Látìgbà tí ẹ ti kó ìkànnì wa lọ sórí sáfà tuntun, ẹni tó bá tẹ ‘Owó Ilé-Ìwé’ ń rí `404 Not Found`. Àdírẹ́sì rẹ̀ ni `/Fees.pdf`. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wò ó.”

Kíá ni wọ́n á rí i pé `fees.pdf` ni fáìlì ń jẹ́: sáfà tuntun ya F ńlá sọ́tọ̀ sí kékeré, ti àtijọ́ kì í yà wọ́n. Àmọ́ tó bá jẹ́ ilé-ìwé ló pa fáìlì rẹ́, tí kò sì sí ẹ̀dà kankan nípamọ́, àfi kí wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́.