Ọdún Mélòó Gan-an Ló Fi Ṣiṣẹ́?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, iléeṣẹ́ kan tó ń ta oúnjẹ adìyẹ n'Íbàdàn ń wá akáńtáǹtì kan ṣoṣo. Síífì 64 ló dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀gá iléeṣẹ́ náà ní kí n bá òun yẹ̀ wọ́n wò, kí n yọ èèyàn mẹ́fà tí wọn yóò pè fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Kí n tó dé, bàbá ti ka bí ogún, wọ́n sì ti fi bírò sàmì sí àwọn tó wù wọ́n. Mo bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi gbé ẹnì kan sókè pátápátá. Wọ́n ní, “Ọdún mọ́kànlá ló ti fi ṣiṣẹ́.” Mo ní, “Ta ló kà á, sà?” Wọ́n wò mí. Olùwáṣẹ́ náà ló kà á fúnra rẹ̀. Orí síífì rẹ̀ ló kọ ọ́ sí.

Àtẹ méjì ni mo máa ń ṣe fún irú iṣẹ́ yìí. Èyí tí ọ̀gá máa rí ni èyí tí olùwáṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìlà kan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú èyí tó ṣáájú rẹ̀ ni wàhálà wà. Níbẹ̀, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ìlà tirẹ̀. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ níbi márùn-ún á ní ìlà márùn-ún: nọ́ńbà tí mo fún un, orúkọ iléeṣẹ́ bó ṣe kọ ọ́, ipò tó dì mú, oṣù tó bẹ̀rẹ̀, oṣù tó kúrò, àti ojú ewé tí mo ti rí i. Mi ò jẹ́ fo ojú ewé yẹn. Bí iyàn bá dé, a ó ṣí síífì náà síbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ parí.

Ẹ jẹ́ ká gbé ẹni ọdún mọ́kànlá yẹn yẹ̀ wò. Nọ́ńbà 17 ni. Ó ṣe agùnbánirọ̀ ní ẹ̀ka ìṣúná ìjọba ìbílẹ̀ kan, láti oṣù kẹta 2014 sí oṣù kejì 2015. Ó di akọ̀wé owó níléeṣẹ́ onípákó, láti oṣù kẹrin 2015 sí oṣù kẹfà 2018. Láti oṣù kìn-ín-ní 2017 sí oṣù kejìlá 2018, ó ń bá ilé ìtàwé kan tọ́jú ìwé owó wọn ní òpin ọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọ “2019–2021”, ó ń ta fóònù. Láti oṣù kejì 2022 títí di ìsinsìnyí, ó jẹ́ igbákejì bọ́sà nílé ẹ̀kọ́ aládàáni. Ìparí oṣù kìn-ín-ní 2024 ni wọ́n dẹ́kun àti gba síífì, nítorí náà ibẹ̀ ni “títí di ìsinsìnyí” parí sí fún gbogbo èèyàn.

Ẹ ro ó pọ̀: oṣù 12, 39, 24, 36, 24. Ó jẹ́ 135, ìyẹn ọdún 11 àti oṣù 3. Obìnrin náà ò purọ́. Ṣùgbọ́n akáńtáǹtì là ń wá, fóònù títà kì í ṣe ìwé owó, nítorí náà 36 jáde. Iṣẹ́ onípákó àti ti ilé ìtàwé sì jọ rìn pọ̀ fún oṣù 18; èèyàn kì í gbé oṣù kan lẹ́ẹ̀mejì. Ó ku 81: ọdún 6 àti oṣù 9. Bí a bá tún yọ ọdún agùnbánirọ̀ kúrò, ó di ọdún 5 àti oṣù 9. Ọdún mẹ́fà ni ìpolówó iṣẹ́ náà béèrè.

Ṣé ẹ rí i pé ohun tó máa gbé e wọlé tàbí tì í síta kò sí nínú síífì rẹ̀ rárá? Ọwọ́ wa ló wà. Ó yẹ ká ti pinnu ọ̀rọ̀ agùnbánirọ̀ kí a tó ṣí ìwé ẹnikẹ́ni, nítorí ẹni tó bá ti rí ojú ẹni tí òfin máa ràn lọ́wọ́ kò lè gbé òfin náà kalẹ̀ láìṣègbè. Mo bi ọ̀gá láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní bí ẹ̀ka ìṣúná ni wọ́n pín èèyàn sí, ká kà á. Bó bá jẹ́ pé ó lọ kọ́ ọmọ iléèwé, ká má kà á. Òfin náà dára, mo sì lò ó fún gbogbo wọn.

Kọ̀ǹpútà lè bá wa ka oṣù, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó ti ń tanni. Ọjọ́ kìíní oṣù ni mo máa ń kọ fún ìbẹ̀rẹ̀ àti fún ìparí, tí ìbẹ̀rẹ̀ wà ní òpó E, tí ìparí wà ní F. Èyí ni mo wá ń kọ sínú Excel:

```
=DATEDIF(E2,F2,"m")+1
```

Láìsí `+1` yẹn, ẹni tó ṣiṣẹ́ láti oṣù kìn-ín-ní dé oṣù kejìlá á di olóṣù 11, nítorí kò ní ka oṣù tí onítọ̀hún fi parí iṣẹ́. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ níbi mẹ́fà á pàdánù oṣù mẹ́fà lọ́fẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ tó wọnú ara wọn, ojú ni mo fi ń yọ ọ́.

Àwọn tó kọ ọdún nìkan láìkọ oṣù le díẹ̀. “2019–2021” lè jẹ́ oṣù 14, ó sì lè jẹ́ 36. Méjèèjì ni mo máa ń kọ, èyí tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù. Bí èyí tó kéré bá tó, kò sí wàhálà. Bó bá jẹ́ èyí tó pọ̀ nìkan ló tó, mo máa ń pe onítọ̀hún lórí fóònù láti béèrè oṣù.

Orúkọ iléeṣẹ́ náà gba àkíyèsí, pàápàá ti báńkì. Lọ́dún 2012 ni Intercontinental wọnú Access, Diamond tẹ̀ lé e lọ́dún 2019. Skye di Polaris lọ́dún 2018. Ẹni tó kọ Diamond àti Access lè má kúrò lórí àga kan náà rí, kí ẹni tó ń ka síífì rẹ̀ máa rò pé iṣẹ́ méjì ni. Òpó méjì ni mo fi ń yanjú ẹ̀: ọ̀kan fún orúkọ tó kọ, èkejì fún orúkọ tí iléeṣẹ́ ń jẹ́ báyìí.

Ní ti ohun tí èèyàn mọ̀-ọ́n ṣe, ọ̀rọ̀ inú síífì kò wúwo bákan náà. Àwọn 64 yìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló kọ “Excel” sísàlẹ̀ ìwé. Mo fún wọn ní 1. Ẹni tó kọ ọ́ sínú iṣẹ́ tó ṣe, pé òun ń fi Excel yẹ ìwé owó iléeṣẹ́ wò mọ́ ti báńkì lóṣooṣù, gba 2. Ẹni tí kò mẹ́nu bà á, mo fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Mi ò kọ “kò mọ̀ ọ́n”, nítorí mi ò mọ̀ bóyá kò mọ̀ ọ́n. Bákan náà ni ICAN. Ẹni tó ti yege gbogbo ìdánwò rẹ̀ àti ẹni tó kọ pé òun “ń lọ sí i” kò lè wà lábẹ́ àmì kan náà.

Ẹ ṣọ́ra fún síífì alábala méjì, tí ọdún wà lápá òsì, tí orúkọ iléeṣẹ́ wà lápá ọ̀tún. Bí ẹ bá ṣe ẹ̀dà ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ láti PDF, ọdún lè kó ara wọn jọ síbì kan, kí orúkọ wà níbòmíràn. Nọ́ńbà 33 ṣe mí bẹ́ẹ̀. Àtẹ ní ó ti ń ṣe ọ̀gá àgbà ìṣúná kó tó gboyè jáde ní yunifásítì! Èyí ló jẹ́ kí n máa fi ọdún ìgboyè sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́, kí irú ẹ̀ lè tètè hàn.

Ọjọ́ orí, ẹ̀sìn, ìpínlẹ̀ àti fọ́tò kò wọ inú àtẹ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n wà nínú síífì.

Nọ́ńbà 17 bá àwọn mẹ́fà wọlé, òun ló ṣìkẹrin. Nọ́ńbà 41 ló ṣíwájú. Ojú ewé kan péré ni síífì tirẹ̀, kò kọ iye ọdún kankan sórí rẹ̀. Ọdún 9 àti oṣù 2 ni ìlà rẹ̀ mẹ́ta jẹ́ nígbà tí mo rò wọ́n pọ̀. Mo padà wo síífì náà níbi tí ọ̀gá kó tiwọn sí: wọ́n ti kà á tẹ́lẹ̀, wọn ò fi bírò kàn án.