Aago Méjì Lórí Káàdì Kan

Ká ní ilé ìwòsàn eyín kan sọ fún aláìsàn tuntun pé kó wá ní aago 9:00. Ó dé ní 9:00 géérégé. Ṣùgbọ́n wọn ò tíì ṣí fáìlì fún un, kò tíì sanwó káàdì, nọ́ọ̀sì ò sì tíì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Kó tó jókòó síwájú dókítà, aago ti di 9:25. Bó bá jẹ́ ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n ń lò fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹni 9:20 yóò wọlé ní 9:45, ẹni 9:40 ní 10:05, bí wọ́n tilẹ̀ tètè dé.

Ohun tó ń tún un ṣe ni kí wọ́n kọ aago méjì sórí káàdì: «Ẹ dé síbi káńtà ní 8:30. Ẹ ó rí dókítà ní 9:00.» Kí ti àkọ́kọ́ hàn gàdàgbà. «Ẹ tètè wá» nìkan kò tó. Kí wọ́n má sì parọ́ pé 8:30 ni dókítà yóò rí i. Ẹni tó bá jókòó lásán láìmọ ìdí yóò mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ nígbà mìíràn, mi ò sì lè bá a wí.

Láti mọ iye ìṣẹ́jú tó yẹ, kí akọ̀wé fi ọ̀sẹ̀ kan kọ aago tí ènìyàn dé káńtà àti aago tí fáìlì rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà sílẹ̀. Ẹni tó ti ní fáìlì lè má nílò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ṣùgbọ́n bí akọ̀wé fúnra rẹ̀ bá ń dé ní 8:50, asán ni 8:30 orí káàdì.