Fóònù Nídìí Míkísà: Ìdí tí Ohùn Olórin fi ń Pòórá nínú Ìsìn

Ìwé ìkìlọ̀ kan wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ míkísà ìjọ wa. A kọ ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń bójú tó ẹ̀rọ ohùn, àti fún ẹnikẹ́ni tó bá gbé fóònù wá pé kí a bá òun fi orin sí i. Gbólóhùn àkọ́kọ́ tó wà níbẹ̀, tí a fi lẹ́tà gàdàgbà kọ, ni pé: "Ẹ má ki jáàkì olórùka méjì bọ ihò maíkì tàbí ihò ohùn kan ṣoṣo." Gbólóhùn yìí ló ń rú àwọn ènìyàn lójú jù. Wọ́n á ní jáàkì náà wọlé, orin náà sì ń dún, kí ló wá kù?

Ohun tó kù ni ohùn ẹni tó ń kọrin. Ẹnikẹ́ni tó bá ti lọ sí ìdúpẹ́ lọ́jọ́ Àìkú á ti gbọ́ ọ rí. Ìdílé tó fẹ́ jó wọlé ti yan orin wọn, wọ́n ti fún àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ ní fóònù. Orin bẹ̀rẹ̀: ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń dún, gìtá ń dún, àwọn elégbè ń dáhùn láti ọ̀nà jíjìn, ṣùgbọ́n ohùn olórí akọrin fúnra rẹ̀ dà bí ẹni pé inú kànga ló wà. Àwọn kan á ní fóònù ló bàjẹ́, àwọn kan á ní orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ ni kò dára. Wọ́n á tún fi ohùn kún un, ariwo ìlù á pọ̀ sí i, olórin ò sì ní jáde.

Èyí tó burú ju ìyẹn lọ ṣẹlẹ̀ níbi ìsìn ìkẹyìn ìyá àgbà kan. Àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ kí ìjọ gbọ́ àdúrà tí màmá fi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp kó tó sùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí míkísà ki okùn bọ fóònù, ó tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ilé dákẹ́, kò sí ohun tó jáde. Ọmọbìnrin olóògbé náà sáré wá: "Bùrọ̀dá, ẹ wò ó, ó ń ka ìṣẹ́jú o! Ó ń sọ̀rọ̀ lọ. Kí ló dé tí a ò gbọ́?" Bùrọ̀dá náà ń gbé bọ́tìnnì sókè sódò, òógùn sì bò ó. Nígbà tí ẹnìkan fa okùn yọ, tí ó fi íápíìsì sí fóònù náà, ohùn màmá wà níbẹ̀ ketekete.

Ohun kan náà ló fa ọ̀ràn méjèèjì, ó sì yẹ kí a mọ bó ṣe jẹ́.

Fóònù kì í fi ohùn ránṣẹ́ ní ẹyọ kan. Méjì ló máa ń rán jáde, ọ̀kan fún etí òsì, èkejì fún etí ọ̀tún. Ìdí nìyẹn tí jáàkì íápíìsì fi ní òrùka dúdú tó pín irin rẹ̀ sọ́nà mẹ́ta: ṣóńṣó orí rẹ̀ gbé ti òsì, àárín gbé ti ọ̀tún, ìdí rẹ̀ sì jẹ́ ti wáyà ilẹ̀ tí àwọn méjèèjì jọ ń lò. Bí ó bá ní maíkì lára, òrùka á di mẹ́ta, ọ̀nà á di mẹ́rin.

Míkísà náà ní ihò tó ń gba jáàkì olọ́nà mẹ́ta, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ọ̀nà mẹ́ta náà ń ṣe níbẹ̀ yàtọ̀. Okùn tó ń bọ̀ láti orí pẹpẹ gùn, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ wáyà iná àti fáànù kọjá, ó sì ń kó ariwo wọn sára. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ ohùn wá ọgbọ́n sí i. Wọ́n fi wáyà méjì gbé ohùn kan ṣoṣo, wọ́n sì yí èkejì padà sódì. Ká sọ pé wáyà kìíní gbé 5, èkejì gbé òdì 5. Bí ariwo 1 bá bá wọn lọ́nà, ó bá àwọn méjèèjì bákan náà: kìíní á di 6, èkejì á di òdì 4. Bí wọ́n bá dé míkísà, á yọ èkejì kúrò nínú kìíní, èsì rẹ̀ á jẹ́ 10 géérégé. Ariwo ti pa ara rẹ̀, ohùn sì ti di ìlọ́po méjì.

Míkísà kò mọ̀ pé fóònù ni wọ́n so mọ́ òun. Yíyọ kan náà ló ń bá lọ. Nínú ọ̀pọ̀ orin tí wọ́n gbà sílẹ̀, àárín ni wọ́n máa ń fi olórí akọrin sí, èyí túmọ̀ sí pé ohùn rẹ̀ dọ́gba lápá òsì àti lápá ọ̀tún. Ó jẹ́ 5 níbí, ó jẹ́ 5 lọ́hùn-ún. Míkísà yọ 5 kúrò nínú 5, ó ku òdo. Gìtá tó jẹ́ pé apá òsì nìkan ló wà, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 3, kò ní ẹnìkejì tí yóò pa á, nítorí náà 3 rẹ̀ á jáde. Ìdí nìyẹn tí ohun èlò àti elégbè fi ń dún, tí olórin fi ń pòórá. Ní ti àdúrà màmá, ohùn orí WhatsApp kò ní òsì àti ọ̀tún tó yàtọ̀ síra. Ẹ̀dà kan náà ni fóònù ń rán sí ọ̀nà méjèèjì. Gbogbo rẹ̀ pátá ni míkísà yọ kúrò. Bákan náà ni ọ̀pọ̀ ìwàásù tí wọ́n fi fóònù gbà sílẹ̀ yóò ṣe.

Ọ̀nà láti mọ̀ ọ́n yá. Kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gba ohùn ara yín sílẹ̀ lórí WhatsApp, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ láti inú fóònù náà gba inú míkísà. Bó bá dákẹ́, tí íápíìsì sì gbé e jáde dáadáa, fóònù kò ní ẹ̀sùn, okùn ni. Ẹ wo jáàkì ńlá tó wọ míkísà: bó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, tó sì ní òrùka dúdú méjì, ẹ ti rí i.

Okùn tó tọ́ ní jáàkì kékeré kan lápá fóònù, ó sì yà sí jáàkì ńlá méjì lápá míkísà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní òrùka dúdú kan péré. Bí míkísà bá ní ṣánẹ̀ẹ̀lì alápá méjì, tí wọ́n kọ L àti R sí, jáàkì méjèèjì gbọ́dọ̀ wọlé. Bí ẹ bá ki ti L nìkan, ìdajì orin lẹ mú wá. Bí kò bá ní i, ẹ lo ṣánẹ̀ẹ̀lì lásán méjì. Àwọn míkísà mìíràn ní ihò funfun àti pupa bíi ti ẹ̀rọ fídíò, ìyẹn náà dára, nítorí kì í yọ ohunkóhun kúrò lára ohunkóhun.

Bí ẹ bá lo ṣánẹ̀ẹ̀lì méjì, ìwé máa ń sọ pé kí ẹ yí PAN ọ̀kan sósì pátápátá, kí ẹ yí ti èkejì sọ́tùn-ún. Nínú ìjọ tí ọkùnrin ti ń jókòó lọ́tọ̀, tí obìnrin ń jókòó lọ́tọ̀, tí sípíkà kan sì kọjú sí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, èmi kò fara mọ́ ọn. Àwọn àgbàlagbà tó jókòó lápá kan lè má gbọ́ gìtá rárá, nígbà tí apá kejì ò ní gbọ́ fèrè. Ẹ fi PAN méjèèjì sí àárín. Àròpọ̀ ni míkísà máa ṣe níbẹ̀, kò ní yọ wọ́n kúrò lára ara wọn.

Gbólóhùn kejì inú ìwé wa dá lórí +48V. Maíkì tí wọ́n fi kọ́ sókè orí akọrin sábà máa ń nílò iná láti míkísà, okùn maíkì náà ló sì ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ míkísà kékeré, bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló ń tan iná yìí sí gbogbo ihò maíkì lẹ́ẹ̀kan náà. Okùn kan wà lọ́jà tó ní jáàkì fóònù lápá kan àti orí maíkì onírin mẹ́ta lápá kejì. Ó rọrùn lójú, ṣùgbọ́n ó ń pa ohùn olórin bíi ti àkọ́kọ́, ó sì tún ṣí ọ̀nà fún fólítì 48 láti wọ fóònù tí wọn kò ṣe fún irú rẹ̀. Bí ó bá di dandan láti gba ihò maíkì, bóyá nítorí pé orí pẹpẹ ni fóònù wà, ẹ fi àpótí DI sáàárín, irú èyí tí kì í lo iná: ọ̀kan fún òsì, ọ̀kan fún ọ̀tún. Wáyà tí wọ́n ká sínú rẹ̀ jẹ́ ìdì méjì tí kò kan ara wọn. Ohùn ń ré kọjá láàárín wọn, iná +48V kì í lè ré kọjá. Láìsí àpótí yìí, ẹ jẹ́ kí fóònù wà nídìí míkísà, kí okùn rẹ̀ má gùn ju mítà márùn-ún lọ, nítorí okùn fóònù kò ní ọgbọ́n tí a sọ lẹ́ẹ̀kan tó fi ń pa ariwo.

Bí ẹ bá gbọ́ "hùùùn" tí kò dáwọ́ dúró, ṣájà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ fà á yọ kúrò lára fóònù. Bí ariwo bá dá lójú ẹsẹ̀, iná ilé ló ń gba inú ṣájà wọ ohùn yín. Ẹ gba iná sí fóònù láti ilé, tàbí kí ẹ lo páwà báǹkì tí kò so mọ́ ògiri. Bó bá jẹ́ "tìtì-tìtì-tìtì" ní ìdákúrekú ni, fóònù ló ń bá òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀. Ẹ fi í sí Airplane mode, èyí tí kò ní jẹ́ kí ìpè wọlé láàárín ìyìn náà. Èyí túmọ̀ sí pé orin gbọ́dọ̀ ti wà nínú fóònù, kì í ṣe lórí ìkànnì.

Ní ti bí a ṣe ń tẹ̀lé e: ẹ pa ṣánẹ̀ẹ̀lì náà lẹ́nu mọ́ kí ẹ tó ki jáàkì, àti kí ẹ tó fà á yọ. "Gbàù" tó ń jáde bí ẹ bá gbàgbé lè ba sípíkà jẹ́. Ẹ gbé ohùn fóònù sókè títí yóò fi kù díẹ̀ kó kún. Bó bá kéré jù, GAIN míkísà lẹ máa fi gbé e, "ṣììì" rẹ̀ á sì bá a gòkè. Lẹ́yìn náà, ẹ yí GAIN díẹ̀díẹ̀ níbi tí orin ti le jù. Bí iná PEAK pupa bá ń ṣẹ́jú, ẹ ti kọjá àyè.

Fóònù tuntun tí kò ní ihò íápíìsì nílò àdápítọ̀, kì í ṣe gbogbo èyí tó wà lọ́jà ló sì ń bá gbogbo fóònù ṣiṣẹ́. Àwọn kan ní ẹ̀rọ kékeré nínú tó ń sọ ohùn di iná wáyà, àwọn kan kò ní i, fóònù tó bá nílò rẹ̀ yóò sì dákẹ́ lórí wọn. Irú tó ní ẹ̀rọ yìí ni kí ìjọ rà, kí ó sì wà nínú dúrọ́ọ̀ míkísà. Búlútúùtù dára fún orin tí wọ́n fẹ́ jó sí, ṣùgbọ́n ohùn máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé sípíkà, nítorí náà, kò dára fún ẹni tó fẹ́ fi fóònù tẹ dùùrù. Bí míkísà bá sì ń gba ẹnikẹ́ni láìsí nọ́ńbà àṣírí, fóònù ọmọdé kan lórí ìjókòó ẹ̀yìn lè já wọlé. Nítorí èyí, kí ẹ pa á ní gbàrà tí orin bá tán.