Ta Ló Ń Ṣọ́ Owó? Mínísítà, Akọ̀wé Àgbà àti Díkírì 43

Ní ọdún 1988, ìjọba ológun Ọ̀gágun Ibrahim Babangida gbé òfin kan jáde tí wọ́n ń pè ní Díkírì 43. Òfin yìí ló gba oyè lọ́wọ́ àwọn akọ̀wé àgbà iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, tó sọ wọ́n di adarí àgbà. Òun náà ló gba iṣẹ́ ìjíhìn owó lọ́wọ́ wọn, tó kó o lé mínísítà lọ́wọ́. Kò tíì pé ọdún mẹ́wàá tí ìjọba ológun mìíràn fi yí i padà. Ẹni tó bá mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe òfin náà, tó tún mọ ìdí tí wọ́n fi fà á ya, á mọ ibi tí iṣẹ́ olóṣèlú yẹ kó dúró sí àti ibi tí ti òṣìṣẹ́ ìjọba ti bẹ̀rẹ̀.

Nínú iléeṣẹ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan, ọ̀gá méjì ló wà. Mínísítà ni àkọ́kọ́. Ní ìpínlẹ̀, kọmíṣọ́nnà là ń pè é. Ààrẹ tàbí gómìnà ló mú un wá, bí ìjọba bá sì parí, ó ń kó ẹrù rẹ̀ lọ nìyẹn. Akọ̀wé àgbà ni ìkejì, ẹni tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní pẹ́msẹ́ẹ̀kì. Ó sábà máa ń jẹ́ ẹni tó wọlé ní ìpele 08 lẹ́yìn tó jáde yunifásítì, tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Òfin iṣẹ́ ìjọba ní kí òṣìṣẹ́ fẹ̀yìn tì bó bá pé ọmọ ọgọ́ta ọdún tàbí tó ti lo ọdún márùndínlógójì lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Nítorí náà, ìjọba mẹ́rin tàbí márùn-ún lè kọjá lójú ẹnì kan ṣoṣo.

Ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì la ti gba ètò yìí. Ní ọdún 1854, Stafford Northcote àti Charles Trevelyan kọ ìwé àbọ̀ kan tó ní kí ìdánwò máa sọ ẹni tó máa gba iṣẹ́ ìjọba, kí ó má jẹ́ pé ẹni tó mọ ènìyàn ló ń rí i gbà. Ní Amẹ́ríkà, ìbọn ló la ojú wọn. Ní 1881, Charles Guiteau, ọkùnrin kan tó gbà pé ìjọba jẹ òun ní iṣẹ́ nítorí pé òun ṣe kámpéènì, yìnbọn lu Ààrẹ James Garfield, ọgbẹ́ náà ló sì pa á. Ní 1883, wọ́n ṣe òfin tó fi ìdánwò síwájú ojúṣàájú. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, Woodrow Wilson, olùkọ́ yunifásítì tó padà di ààrẹ, kọ ọ́ sílẹ̀ pé iṣẹ́ àbójútó ìlú yàtọ̀ sí ìṣèlú, àti pé kò yẹ kí ìṣèlú ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn lórí ibi tí ààlà náà wà gan-an.

Ẹ jẹ́ ká tọpa fáìlì kan kó lè yé wa. Ẹ jẹ́ ká ní mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé ìjọba yóò kó àga àti tábìlì tuntun sí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀. Ìpinnu olóṣèlú nìyẹn: òun ló sọ pé àga ni kí owó bá lọ, kì í ṣe òrùlé tàbí yàrá ìkàwé. Lẹ́yìn ìkéde, ọ̀rọ̀ di ti fáìlì. Òṣìṣẹ́ kan tí ọ̀rọ̀ náà wà lórí tábìlì rẹ̀ yóò kọ mínúùtì: iye ọmọ tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ̀ọ̀kan, iye àga tó ti fọ́, iye tí wọ́n ń ta àga kan lọ́jà, àti bóyá owó náà wà nínú ìṣúná ọdún náà. Á fi orúkọ, ìbuwọ́lùwé àti déètì sábẹ́ rẹ̀. Ìwé kọ̀ọ̀kan nínú fáìlì ní nọ́ńbà, tó fi jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá yọ ọ̀kan, àyè rẹ̀ á hàn.

Fáìlì á gòkè lọ bá igbákejì adarí, á dé ọ̀dọ̀ adarí, á dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé àgbà, olúkúlùkù á sì kọ èrò tirẹ̀ sábẹ́ ti ẹni tó ṣáájú. Akọ̀wé àgbà ló ń gbé e fún mínísítà. Bí mínísítà bá fọwọ́ sí i, fáìlì á gba ọ̀nà tó gbà gòkè sọ̀kalẹ̀. Wọ́n á pe àwọn agbaṣẹ́ṣe kí wọ́n wá dárúkọ iye tí wọ́n fẹ́ gbà, ìgbìmọ̀ á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á gbé iṣẹ́ fúnni, wọ́n á ka àga nígbà tó bá dé, wọ́n á wá kọ fọ́ọ̀ṣà kí owó tó jáde. Ẹni tó máa dáhùn fún owó náà, bí àwọn aṣàyẹ̀wò ìṣirò bá dé, ni wọ́n ń pè ní olùjíhìn owó. Akọ̀wé àgbà ló ń ṣe é.

Ẹ wo òṣìṣẹ́ tó kọ mínúùtì àkọ́kọ́ yẹn dáadáa. Bí owó kò bá ká gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì, òun ló máa dábàá èyí tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ṣé èyí tí èrò pọ̀ sí jù ni, àbí èyí tí àga rẹ̀ bàjẹ́ jù? Yíyàn náà á ran àwọn kan lọ́wọ́, á sì dá àwọn mìíràn dúró, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò dìbò fún un. Àwọn àgbà ní bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Kò sí bí a ṣe lè jíṣẹ́ láìlo ọgbọ́n orí, níbi tí ọgbọ́n orí bá sì wọ̀, ìṣèlú díẹ̀ ti wọ ibẹ̀ pẹ̀lú. Ààlà tí Wilson fà gún régé jù. Àmọ́ ibì kan wà tí kò yẹ kí ààlà náà parẹ́ rárá: kò dáa kí ẹni tó pinnu pé kí á náwó tún jẹ́ ẹni tó ń ṣọ́ bí owó ṣe ń jáde.

Ibẹ̀ gan-an ni Díkírì 43 fọwọ́ kàn. Kí a má purọ́, àwọn tó ṣe é ní ìdí. Lábẹ́ Ọ̀gágun Yakubu Gowon, nígbà ogun abẹ́lé àti lẹ́yìn rẹ̀, agbára àwọn akọ̀wé àgbà kan pọ̀ débi pé wọ́n ń jókòó nínú ìpàdé ìgbìmọ̀ aláṣẹ, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Allison Ayida, Philip Asiodu àti Ahmed Joda wà lára wọn. Nígbà tí Murtala Muhammed gbàjọba ní 1975, ó lé wọn kúrò nínú ìpàdé, ó sì lé òṣìṣẹ́ ìjọba tó ju ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lọ lẹ́nu iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ní 1985, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Dọ̀tun Phillips láti tún iṣẹ́ ìjọba tò. Èrò tó jáde síta ni pé mínísítà ni ìlú ń bú bí nǹkan bá bàjẹ́, nítorí náà òun ló yẹ kó ní agbára.

Òfin náà sọ mínísítà di ọ̀gá pátápátá àti olùjíhìn owó. Ó ní kí adarí àgbà máa bá ìjọba tó yàn án lọ. Ó pa ọ́fíìsì olórí òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ rẹ́. Ó kó púpọ̀ nínú ìgbaniṣíṣẹ́, ìgbéga àti ìbáwí kúrò lọ́wọ́ àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ ìjọba, ó kó o fún iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó tún ní kí òṣìṣẹ́ dúró sí iléeṣẹ́ kan ṣoṣo títí á fi fẹ̀yìn tì.

Ẹ tún gbé fáìlì àga wa gba abẹ́ òfin yẹn. Mínísítà kéde àga. Mínísítà fọwọ́ sí i. Bí ó bá ní agbaṣẹ́ṣe kan lọ́kàn, ta ló máa kọ ọ́ sínú fáìlì pé iye tí ọkùnrin náà dá ti pọ̀ jù? Adarí àgbà mọ̀ pé ọjọ́ tí ìjọba bá lọ ni òun náà ń lọ. Òṣìṣẹ́ tó kọ mínúùtì mọ̀ pé inú iléeṣẹ́ yẹn ni ìgbéga òun wà, kò sì sí iléeṣẹ́ mìíràn tí wọ́n lè gbé òun lọ. Fáìlì á gòkè, á sọ̀kalẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní sọ pé rárá. Bí ìjọba bá sì yí padà, ẹni tó mọ ìtàn iṣẹ́ náà ti bá wọn lọ.

Ní 1994, ìjọba Ọ̀gágun Sani Abacha gbé ìgbìmọ̀ mìíràn kalẹ̀ láti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Allison Ayida ni wọ́n fi ṣe alága, ọ̀kan nínú àwọn akọ̀wé àgbà tí agbára wọn ti ba àwọn ológun lẹ́rù. Ìgbìmọ̀ náà ní ìṣèlú ti wọ iṣẹ́ ìjọba lára jù. Wọ́n dá oyè akọ̀wé àgbà padà, wọ́n dá ìjíhìn owó padà fún un, ọ́fíìsì olórí òṣìṣẹ́ náà sì padà.

Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 wá fi ìdí ààlà náà múlẹ̀ díẹ̀. Abala 171 àti 208 sọ pé ipò akọ̀wé ìjọba àti ti àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lábẹ́ ààrẹ tàbí gómìnà fúnra rẹ̀ ń dópin bí ọ̀gá wọn bá kúrò nípò. Kò sọ bẹ́ẹ̀ nípa olórí òṣìṣẹ́ tàbí akọ̀wé àgbà. Òfin ìrajà ìjọba ti 2007 tún fi kún un: olùjíhìn owó ló máa dáhùn fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá rú òfin náà, ì báà jẹ́ ọmọ abẹ́ rẹ̀ ló ṣẹ̀.

Síbẹ̀, ìdajì ògiri ni. Abala kan náà fún ààrẹ àti gómìnà lágbára láti yọ akọ̀wé àgbà. Ẹ̀bi wà lórí rẹ̀, ààbò kò tó o. Ohun tó ń tìdí èyí wá kì í pariwo, àmọ́ ẹni tó bá mọ ibi tó máa wò á rí i. Bí àṣẹ bá ti ń wá látẹnu nìkan, tí kò wọ fáìlì, ẹnì kan ń sá fún ìwé. Bí wọ́n bá gé iṣẹ́ ńlá kan sí wẹ́wẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má baà tó iye tó gbọ́dọ̀ dé iwájú ìgbìmọ̀ àgbà, ẹnì kan ń sá fún ojú.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá ṣèlérí iṣẹ́ fún àdúgbò yín tí ẹ kò rí i, ẹ má fi ìbéèrè yín mọ sọ́dọ̀ olóṣèlú. Ẹ béèrè lọ́wọ́ mínísítà ìdí tó fi yan iṣẹ́ náà. Ẹ béèrè ìwé àdéhùn iṣẹ́ àti iye tí wọ́n ti san lọ́wọ́ iléeṣẹ́ náà. Òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 fún wọn ní ọjọ́ méje láti dáhùn. Kí àwọn aṣòfin wa náà sì parí iṣẹ́ tó kù: kí a má lè yọ akọ̀wé àgbà láìkọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ síwájú àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ ìjọba. Ẹni tí òfin ní kó dáhùn fún owó ìlú gbọ́dọ̀ lè sọ pé rárá, kí iṣẹ́ má sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.